Mímú Ara Gbóná Ṣáájú Eré Ìje: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, àgbò tí ó fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ eléré ìje tí ó ń fò, tí ó ń gbé orúnkún sókè, tí ó sì ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ pápá kí a tó pè é sí ojú ìlà. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí. Agbára ni ó ń mú bọ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí àgbò fẹ̀yìn rìn láti àárín agbo dé ọ̀nà oko. Àgbò tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó padà dé ojú ìjà. Èrò tèmi ni pé mímú ara gbóná pọn dandan fún àwọn eré kan, pé ó yẹ kí a gé e kúrú fún àwọn mìíràn, àti pé àkókò wà tí ó yẹ kí a fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Eré ìje kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìmúra tí ó bá a mu, gẹ́gẹ́ bí eku kọ̀ọ̀kan ti ní ìtẹ́ tí ó gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọjọ́ ìdíje ilé sí ilé. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, olórí ilé kọ̀ọ̀kan yóò fọn fèrè, gbogbo eléré ilé rẹ̀ yóò sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọn yóò sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọn yóò fò, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀, títí tí òógùn yóò fi bò wọ́n. Inú òǹwòran a máa dùn sí i, nítorí pé orin àti àtẹ́wọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sá 100 mítà ní agogo méjìlá ọ̀sán wà nínú wọn, ẹni tí yóò sá 1500 mítà ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ooru tí ti àkọ́kọ́ kó sára yóò ti tú dànù tipẹ́ kí wọ́n tó pè é. Ti èkejì yóò dé ojú ìlà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti wúwo. Ìmúra kan náà ti ṣe àwọn méjèèjì ní ibi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí ó ṣe wọ́n.

Kí ni ìmúra yìí tilẹ̀ ń ṣe nínú ara? Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé epo pupa sílẹ̀ ní àkókò ọyẹ́ mọ̀ pé yóò dì, kò sì ní ṣàn bí a bá dà á. Bí a bá yá a níná díẹ̀, yóò yọ́, yóò sì máa ṣàn wọ̀ọ̀. Iṣan ara kì í dì bí epo, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra. Iṣan tí kò tíì gbóná a máa le, a máa lọ́ra láti súnkì àti láti nà, ìránṣẹ́ tí ọpọlọ sì ń rán sí i kì í tètè dé. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkàn yóò máa lù kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ yóò lọ sí ẹsẹ̀, iṣan yóò sì gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́ ni ooru náà ń yára gòkè jù lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 20, kò tún fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́. Ẹni tí ó bá tún ń fò lẹ́yìn ìgbà náà kò rí èrè tuntun kan gbà fún ìmúgbóná iṣan rẹ̀. Agbára tí ì bá fi sá eré ni ó ń ná.

Ohun mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé ooru tí a kó jọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí eléré bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15 sí 20, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti lọ. Nítorí náà, àkókò tí a parí ìmúra ṣe pàtàkì bí àkókò tí a fi ṣe é. Ẹni tí ó mú ara gbóná dáadáa ní agogo mẹ́jọ fún eré agogo méjìlá dà bí ìyàwó ilé tí ó gbé omi kaná ní òwúrọ̀ fún ẹ̀bà ọ̀sán.

Ìmúra tí ó pé ní ìpín mẹ́ta, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn. Ìpín kìíní ni ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èyí tí eléré lè ṣe kí ó sì máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Òun ni ó ń mú ara gbóná. Ìpín kejì ni ìdárayá alárìn, tí mo pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí a ti ń ṣe é ni a ń rìn lọ, a kì í dúró sójú kan kí a na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Òun ni ó ń tú oríkèé ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ìpín kẹta ni ìsáré ìdánwò: a óò sá nǹkan bí 60 mítà, a óò máa fi kún eré náà díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi sún mọ́ eré tí a fẹ́ sá gan-an, a óò sì rìn padà. Òun ni ó ń rán ẹsẹ̀ létí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ìdárayá alárìn yìí ni àwọn ènìyàn ń ṣe àṣejù nínú rẹ̀ jù. Oríṣi márùn-ún tó fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní, kí ó máa rìn, kí ó sì máa fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kọ̀ọ̀kan mọ́ àyà bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Èkejì, kí ó máa gbé ìṣísẹ̀ gígùn, kí ó tẹ orúnkún iwájú, kí orúnkún ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó máa sáré díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ó ń gòkè dé ìbàdí. Ẹ̀kẹrin, kí ó máa sáré kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì máa kan ìdí. Ẹ̀karùn-ún, kí ó di ògiri tàbí èjìká ẹnìkejì rẹ̀ mú, kí ó máa ju ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, 20 mítà ni kí ó fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì péré, kí ó sì rìn padà. Ìrìn padà náà ni ìsinmi. Bí ó bá ṣe é báyìí láìkánjú, gbogbo rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá fi ìdajì wákàtí ṣe é ti sọ ìmúra di iṣẹ́ oòjọ́.

Báwo ni eléré ṣe lè mọ̀ pé ó tó? Ara ni yóò sọ fún un. Òógùn díẹ̀ yóò sẹ̀ ní iwájú orí, èémí yóò gòkè díẹ̀ ṣùgbọ́n yóò padà sípò kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Àmì tí ó dájú jù wà nínú ìsáré ìdánwò: èyí tí ó sá kẹ́yìn yóò yá ju èyí tí ó sá ṣáájú lọ, síbẹ̀ yóò dà bí ẹni pé kò fi agbára kún un. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ó sá kẹ́yìn ni ó wúwo jù, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí èémí kò sì tètè padà, ó ti kọjá ààlà. Kí ó lọ jókòó sí abẹ́ ìbòòji, kí ó mu omi díẹ̀, kí ó má sì fi nǹkan kan kún un mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò sá 200 mítà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ fún àpẹẹrẹ. Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣe é. Kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ mìíràn ṣe ìdárayá alárìn. Lẹ́yìn èyí, kí ó wọ bàtà eré ìje rẹ̀, kí ó sá ìsáré ìdánwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó sì máa sinmi dáadáa láàárín wọn. Agogo mẹ́wàá yóò ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ó bá parí. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí ó wọ aṣọ lé ti eré ìje rẹ̀, kí ó máa rìn kiri, kí ó má jókòó sórí koríko tútù. Bí wọ́n bá pè é, yóò bọ́ aṣọ òkè sílẹ̀, yóò sì lọ sí ojú ìlà pẹ̀lú ooru tí ó kó jọ.

A mọ̀ pé agogo ìwé ètò àti agogo pápá kì í fi ìgbà gbogbo bá ara wọn mu. Ó lè jẹ́ pé àlejò pàtàkì kò tíì dé, kí wọ́n sì sún eré náà síwájú fún ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò bínú jókòó, àwọn mìíràn yóò tún gbogbo ìmúra náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó máa rìn, kí ó máa fi ẹsẹ̀ ṣeré, nígbà tí ó bá sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ó fi ìṣẹ́jú méjì ṣe orúnkún gíga àti jíju ẹsẹ̀, kí ó sì sá ìsáré ìdánwò kan. Ó tán. Dídáná padà kò gba igi tí a fi dá a lákọ̀ọ́kọ́ bí ẹyin iná bá ṣì wà nínú ààrò.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i nígbà tí eléré bá yege tí ó sì kù kí ó sá àṣekágbá ní ọjọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Yújìn ní ìpínlẹ̀ Órígọ̀n ní Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà tí a ti ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nínú ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ tuntun fún gbogbo ayé ni. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ó tún sá àṣekágbá ní 12.06, tí ó sì gba ẹ̀yẹ wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn le ju ìwọ̀n lọ, tí a kò fi lè ka èyí sí àkọsílẹ̀ ayé. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ara lè ṣe iṣẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n agbára tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe èyí tí a lè fi tàfàlà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó sá 200 mítà ní agogo mẹ́wàá, tí yóò sì sá àṣekágbá ní agogo méjì ọ̀sán, ìdajì ìmúra òwúrọ̀ ni kí ó ṣe: ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mẹ́rin fún ìdárayá alárìn, ìsáré ìdánwò méjì. Oòrùn ọ̀sán ti bá a ṣe ìyókù.

Wàyí o, bí eré bá ṣe ń gùn sí i ni ó yẹ kí ìmúra máa kúrú sí i. Èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ òdì, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó ń sá 100 mítà kò ní àyè láti mú ara gbóná lẹ́nu eré. Ìbọn dún tán, gbogbo agbára ni ó gbọ́dọ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iṣan ẹ̀yìn itan kò bá tíì gbóná, ìgbà náà ni ewu pọ̀ jù pé kí ó fà ya, tí eléré yóò fi ọwọ́ di itan mú ní àárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn, bí irú èyí tí wọ́n ń sá ní Èkó láti ọdún 2016, tí ó gùn ní kìlómítà 42 àti 195 mítà, ọ̀tá tirẹ̀ ni ooru tí ó pọ̀ jù àti oúnjẹ ara tí ó tán. Bí ó bá fi ìdajì wákàtí fò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ooru lé orí ooru. Kí ó rìn díẹ̀, kí ó ju ẹsẹ̀, kí ó sì fi kìlómítà àkọ́kọ́ tàbí méjì ṣe ìmúra nípa sísá a díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí yóò sá 1500 mítà wà láàárín méjèèjì: ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdárayá alárìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ìsáré ìdánwò méjì tàbí mẹ́ta, ó ti tó o.

Ìgbà wo ni ó wá yẹ kí a fi ìdárayá alárìn sílẹ̀? Ìgbà kìíní ni ọjọ́ tí kò sí ohun mìíràn tí a fẹ́ ṣe ju ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ. Ìsáré bẹ́ẹ̀ ni ìmúra fúnra rẹ̀. Kí eléré rìn fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ìgbà kejì ni ìgbà tí ó pẹ́ dé pápá tí àkókò kò sì tó. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó kù, ìdárayá alárìn ni kí ó kọ́kọ́ gé, kì í ṣe ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó ń mú iṣan gbóná, kì í sì í ṣe ìsáré ìdánwò tí ó ń fi eré han ẹsẹ̀. Ìgbà kẹta ni ìgbà tí ibì kan bá ń dùn ún ní dídùn mímú, pàápàá tí ìrora náà bá ń le sí i bí ó ti ń gbóná. Fífò kò wo iṣan tí ó ti fà ya sàn rí. Kí ó dúró, kí ó sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá, kí ó má sì sá eré ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba ńlá wa ń lépa ẹran nínú igbó láìfi orúnkún kan àyà, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Mo gbà pé ọdẹ kì í fò kí ó tó lé ẹran. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó ti rìn láti ilé dé àárín igbó ti mú ẹsẹ̀ gbóná kí ẹran tó yọ sí i. Ajá pàápàá, bí ó bá jí lójú oorun, yóò na ara kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìnara tí a ń dúró sójú kan ṣe, tí a ó bẹ̀rẹ̀ tí a ó sì di ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mú, ni ó dára jù. Ó dára lẹ́yìn eré. Ṣáájú eré kúkúrú, bí a bá na iṣan kan báyìí fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ láti ta a máa dínkù fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu.

Nítorí gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí, mo rò pé ó tó àkókò kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dẹ́kun kíkó gbogbo eléré jọ sójú kan fún ìmúra kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kọrin kí wọ́n sì yí pápá ká, kí wọ́n ṣe é gẹ́gẹ́ bí ayẹyẹ, kí wọ́n má pè é ní ìmúra. Kí olùkọ́ eré ìdárayá fún eléré kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tí a kọ àkókò eré rẹ̀ sí, àti ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìmúra àti ìgbà tí yóò parí rẹ̀. Kí a jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà ní ẹ̀yìn pápá, lábẹ́ igi bí ó bá ṣeé ṣe, tí wọn yóò ti máa ṣe é ní méjì méjì. Ìwé pélébé kò wọ́n, igi sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá wa. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tí a bá mú wá sí ojú ìlà yóò gbóná láìtíì rẹ̀, èyí gan-an sì ni agbára tí àgbò lọ mú wá.